Géèmù olóríta púpọ̀: Kí ló ń yí padà gan-an nígbà tí ẹ bá tún ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀?

Nínú abala kìíní géèmù The Walking Dead, èyí tí iléeṣẹ́ Telltale Games gbé jáde lọ́dún 2012, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni ẹni tó ń gbá a ní láti yan ẹni tí yóò gbà là lọ́wọ́ àwọn òkú tó ń rìn. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Doug, oníròyìn obìnrin kan sì wà tó ń jẹ́ Carley. Ẹni tí ẹ bá mú ni yóò yè, ẹnì kejì yóò kú lójú yín. Ẹni tó bá fẹ́ràn àtúngbá ìtàn yóò parí rẹ̀, yóò sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láti lọ wo bí yóò ti rí ká ní ẹnì kejì lòun gbà là. Ohun tí yóò bá níbẹ̀ kò ní tó ohun tó ń retí. Ojú ẹni tó yè yàtọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà yàtọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ìtàn ń lọ. Nígbà tó bá sì di abala kẹta, ẹni yòówù kó jẹ́ nínú àwọn méjèèjì, ìbọn obìnrin kan náà, Lilly, ni yóò pa á.

Nítorí náà, iye òpin tí wọ́n kọ sára páálí géèmù kò tó láti fi mọ̀ bóyá ó yẹ ní àtúngbá. Ó yẹ kí a mọ ibi tí géèmù náà ń kó ìpinnu wa pamọ́ sí, àti ohun tó ń fi wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Àpẹẹrẹ tí a ó gbé yẹ̀ wò jù lọ nínú àkọsílẹ̀ yìí ni Undertale, géèmù kékeré kan tó gba ìbéèrè yìí kanrí. A ó sọ bí ìtàn rẹ̀ ṣe parí. Ẹni tí kò bá tíì gbá a, tó sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, lè dúró ní ìsọ̀rí kejì kó sì padà wá nígbà tó bá ṣetán.

Kí ló dé tí àwọn ọ̀nà fi máa ń padà pàdé?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ìtàn kan bá ní oríta mẹ́wàá, tí ọ̀nà méjì yà ní oríta kọ̀ọ̀kan tí wọn kò sì padà pàdé mọ́, oríta kìíní yóò bí ọ̀nà méjì, ìkejì yóò bí mẹ́rin, ìkẹta yóò bí mẹ́jọ, títí tí ìkẹwàá yóò fi bí 1,024. Ká sọ pé ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ìrìn tó tẹ̀lé oríta kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń ṣe géèmù náà yóò ní láti kọ ọ̀rọ̀, ya àwòrán, kí wọ́n sì gba ohùn sílẹ̀ fún nǹkan bí 170 wákàtí. Ẹni tó bá gbá a lẹ́ẹ̀kan yóò rí àádọ́ta ìṣẹ́jú nínú rẹ̀. Ẹni tó ń náwó sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ti sá kó tó dé oríta kẹrin.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ géèmù fi ń ṣe bí odò tó ya yí erékùṣù ká. Omi náà pín sí méjì lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí erékùṣù bá tán, ó tún di ẹyọ kan. Ohun tó ń ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìpàdé náà ni àmì kékeré kan nínú ìrántí géèmù: Doug yè, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà mìíràn, iye ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, fún àpẹẹrẹ iye ìgbà tí ẹ purọ́ tàbí bí ọ̀rẹ́ yín ṣe fọkàn tán yín tó. Níwájú, géèmù náà yóò wo àmì yìí, yóò sì yí gbólóhùn kan padà tàbí kó gbé ẹnì kan dúró síbi tí ẹlòmíràn ìbá dúró sí. Bí àwọn àmì náà bá pọ̀ tó, tí géèmù sì ń wò wọ́n lóòrèkóòrè, ìtàn yóò dà bí ẹni pé ó yí padà pátápátá. Bí wọn kò bá pọ̀, àwọ̀ lásán ló yí padà.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè gbà fura sí èyí kí ẹ tó fi wákàtí mẹ́wàá ṣòfò lórí àtúngbá. Ẹ wo ẹni tí ẹ gbà là, kí ẹ sì béèrè iṣẹ́ tí ìtàn gbé lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Òǹkọ̀wé kò lè gbé òpó ilé lé orí ẹni tó ṣeé ṣe kó ti kú lọ́wọ́ ìdajì àwọn tó ń gbá géèmù rẹ̀. Bí ẹni náà bá kàn ń tẹ̀ lé yín kiri, tó ń sọ gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni lè sọ, tí kò sì ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò lè ṣe, ó súnmọ́ ohun tó dájú pé àwọn ọ̀nà náà ti padà pàdé. Èyí kò sọ The Walking Dead di géèmù burúkú. Ìwúwo ìpinnu náà wà nínú ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ kò mọ ohun tó ń bọ̀. Ó kàn jẹ́ pé ìgbà kejì kọ́ ni wọ́n ṣe é fún.

Géèmù tó ń fi àwòrán àwọn oríta rẹ̀ hàn

Iléeṣẹ́ Quantic Dream nílùú Paris gba ọ̀nà mìíràn nínú Detroit: Become Human, tó jáde lọ́dún 2018. Róbọ́ọ̀tì mẹ́ta tó jọ ènìyàn ni ẹ ń darí, Connor, Kara àti Markus. Bí orí kọ̀ọ̀kan bá ti parí, géèmù náà yóò ya àwòrán gbogbo oríta inú rẹ̀ síwájú yín bí igi tó léwé: ibi tí ẹ gbà yóò tàn, ibi tí ẹ kò gbà yóò wà ní títì, láìsí ọ̀rọ̀ lára rẹ̀. Nínú orí kìíní, Connor lọ bá róbọ́ọ̀tì kan, Daniel, tó gbá ọmọdébìnrin kan mú létí òrùlé ilé gíga. Bí ẹ bá tú inú ilé náà wò kí ẹ tó jáde síta, ẹ ó mọ orúkọ Daniel, ẹ ó sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ fi róbọ́ọ̀tì tuntun rọ́pò rẹ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni yóò sọ irú ọ̀rọ̀ tí ẹ lè bá a sọ. Ọmọ náà lè yè kí Connor kú, àwọn méjèèjì sì lè yè.

Síbẹ̀, ẹ ṣàkíyèsí ohun kan. Bí Connor bá kú, iléeṣẹ́ tó ṣe é yóò rán Connor mìíràn wá, ìtàn yóò sì máa lọ. Odò àti erékùṣù náà tún nìyẹn, àfi pé wọ́n fún un ní ìdí tó bá ìtàn mu. Kara àti Markus kò ní irú àǹfààní yìí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ẹ̀ka rẹ̀ ti gé. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ tó jinlẹ̀ ni kó máa ṣọ́ ọ̀nà Kara àti ti Markus.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú àtúngbá Detroit ni pé ènìyàn yóò padà sí orí kan láàárín ìtàn, yóò yí ìpinnu kan padà, yóò sì fò lọ tààrà sí orí tó kẹ́yìn láti wo èso rẹ̀. Kò ní rí i. Láti ibi tí ẹ bá ti yí ìpinnu padà, ẹ ní láti gbá gbogbo orí tó tẹ̀ lé e kí àmì náà tó lè rìn dé òpin. Ní tèmi, àwòrán igi náà lẹ́wà, ó sì ń fi ọ̀wọ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn àtúngbá, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ ìtàn di fọ́ọ̀mù tí a ń kún. Lẹ́yìn ìgbà kẹta, ẹ kò ní máa ronú nípa Kara mọ́. Àlàfo tó kù lórí àwòrán ni ẹ ó máa wò. Bákan náà, géèmù yìí gba nǹkan bí 55 gígábáìtì lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ń fi dátà orí fóònù gba nǹkan sílẹ̀ mọ ohun tí iye yẹn túmọ̀ sí.

Undertale: Géèmù tí kì í gbàgbé

Undertale kò gbà ju nǹkan bí 200 mẹ́gábáìtì lọ, kọ̀ǹpútà àtijọ́ sì lè gbé e. Ọ̀dọ́kùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Toby Fox, ló kọ ìtàn àti orin rẹ̀, tó sì ṣe púpọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó kù. Lọ́dún 2013, ó béèrè 5,000 dọ́là lọ́wọ́ àwọn ènìyàn lórí Kickstarter, wọ́n sì dá 51,124 dọ́là fún un. Géèmù náà jáde lọ́jọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015. Àwòrán rẹ̀ jọ ti àwọn géèmù àtijọ́ tí à ń fi ẹ̀rọ so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ọmọ ènìyàn kan jábọ́ sínú ihò òkè kan, ó sì bá ara rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn ti ti àwọn iwin mọ́ lẹ́yìn ogun.

Nínú gbogbo ìjà, bọ́tìnnì mẹ́rin ló máa ń wà níwájú yín: FIGHT fún ìjà, ACT fún ọ̀rọ̀ tàbí ìwà, ITEM fún ohun tó wà nínú àpò yín, àti MERCY fún àánú. Kò sí iwin tó pọn dandan kí ẹ pa. Bí ẹ bá mọ ohun tó ń bí iwin kan nínú tàbí ohun tó fẹ́, ẹ lè fi ACT tù ú lójú, orúkọ rẹ̀ yóò di àwọ̀ ìyeyè, ẹ ó sì dá a sílẹ̀. Ẹ kò ní gba agbára kankan láti inú irú ìjà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń pa wọ́n ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Láti inú èyí ni ọ̀nà ńlá mẹ́ta ti yà. Ẹni tó pa àwọn kan tó dá àwọn kan sí wà lójú ọ̀nà àárín. Òpin ọ̀nà yìí máa ń parí pẹ̀lú ìpè orí fóònù, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì sinmi lé ẹni tó ṣẹ́ kù láàyè. Bí Toriel, ìyá tó kọ́kọ́ tọ́jú ọmọ náà, bá yè, ó lè di ọbabìnrin. Bí Toriel, Undyne àti Mettaton bá ti kú, ó lè kan Papyrus, ẹ̀dá eléegun tí kò mọ nǹkan kan nípa ìjọba. Àmì tí a sọ lókè náà ni, ṣùgbọ́n níbí wọ́n ń wo púpọ̀ nínú wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹni tí kò pa ẹnikẹ́ni. Ibi tí àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìnà nìyí, nítorí pé àìpànìyàn nìkan kò tó. Ẹ gbọ́dọ̀ bá Papyrus ṣeré nílé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, nígbà tí Undyne bá ń lé yín, tí ooru sì gbé e ṣubú ní Hotland, ẹ gbọ́dọ̀ bu omi sí i lórí, kí ẹ sì lọ kí i nílé rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ ó kọ́kọ́ dé òpin ọ̀nà àárín, ẹ ó bá òdòdó burúkú tó ń jẹ́ Flowey jà, ẹ ó sì dá òun náà sí. Nígbà tí ẹ bá tún ṣí géèmù láti ibi tí ẹ fi pamọ́ sí ṣáájú òpin, Undyne yóò pè yín pé kí ẹ bá òun fi lẹ́tà kan jíṣẹ́ fún Alphys. Lẹ́tà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn òpin tòótọ́. Bí ìpè náà kò bá wá, ẹ wo iye EXP yín. Bí ó bá ju òdo lọ, ẹ ti pa ẹnì kan níbì kan. Bí ó bá jẹ́ òdo, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fo ìbẹ̀wò kan.

Toriel ló máa ń ba nǹkan jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ gbìyànjú ọ̀nà yìí. Kò fẹ́ kí ọmọ náà jáde, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ènìyàn yóò rò pé bí òun bá lù ú díẹ̀ kó lè rẹ̀ ẹ́, òun á wá dá a sí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú àwọn géèmù mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí agbára rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀, ìlù kan ṣoṣo a di ńlá lójijì, a sì pa á. Ohun tó yẹ ni kí ẹ máa yan àánú léraléra, bí ó tilẹ̀ dà bí ẹni pé kò gbọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni Undertale ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ hàn. Ẹni tó ti pa Toriel yóò ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe. Yóò pa géèmù láìfi í pamọ́, yóò tún un ṣí, yóò sì dá ìyá náà sí lọ́tẹ̀ yìí. Yóò rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Flowey yóò wá jáde lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì sọ fún un pé òun mọ ohun tó ṣe: o pa á, o kábàámọ̀, o sì padà sẹ́yìn. Àwọn mìíràn náà ń rántí, àmọ́ bí ìgbà tí ènìyàn rántí àlá. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Toriel a máa béèrè irú adùn tí ẹ fẹ́ràn kí ó lè fi se oúnjẹ fún yín. Bí ẹ bá tún ìtàn bẹ̀rẹ̀, ó lè sọ pé kí ẹ má ṣì dáhùn, kí ó sì dárúkọ èyí tí ẹ yàn nígbà tó kọjá.

Ọ̀nà kẹta ni ti ẹni tó pa gbogbo wọn. Kì í ṣe ọ̀nà tí ènìyàn lè ṣèèṣì bọ́ sí. Agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ní iye tó gbọ́dọ̀ pé kí ẹ tó jáde níbẹ̀: 20 ní Ruins, 16 ní Snowdin, 18 ní Waterfall, àti 40 ní Hotland pẹ̀lú Core. Ẹ tún gbọ́dọ̀ pa àwọn aṣáájú wọn. Ibi tí ẹ ti ń fi géèmù pamọ́ yóò máa sọ iye tó kù fún yín. Nígbà tí ó bá pé, ìjà yóò ṣí, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ yóò ṣófo, àfi gbólóhùn yìí: But nobody came. Orin náà yóò falẹ̀. Bí ẹ bá jáde ní agbègbè kan láìjẹ́ pé iye náà pé, ẹ ti padà sí ọ̀nà àárín nìyẹn láìmọ̀.

Ibi tí ọ̀nà yìí parí sí ni ìparun gbogbo ayé inú géèmù. Bí ẹ bá tún ṣí i, òkùnkùn àti ìró afẹ́fẹ́ nìkan ni ẹ ó bá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn ọmọ kan tó ti kú tipẹ́ yóò bá yín sọ̀rọ̀, yóò sì sọ pé òun lè dá ayé náà padà bí ẹ bá fún òun ní ọkàn yín. Bí ẹ bá gbà, ohun gbogbo yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun. Àmọ́ láti ọjọ́ náà lọ, bí ẹ bá tilẹ̀ rin ọ̀nà àìpànìyàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwòrán tó kẹ́yìn yóò bàjẹ́. Ọmọ náà yóò farahàn nínú rẹ̀, ẹ ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ jáde láti inú ihò náà.

Níbo ni ìrántí náà ń gbé?

Ọ̀pọ̀ tó ti ṣe èyí máa ń yọ géèmù kúrò lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n á tún gbé e padà, wọ́n á sì rí i pé kò yí padà. Ìdí ni pé ìrántí náà kò sí nínú fódà tí géèmù wà. Lórí Windows, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ sì tẹ èyí:

```
%LocalAppData%\UNDERTALE
```

Nínú fódà tó bá ṣí, file0 ni ibi tí ẹ bá ìtàn dé. undertale.ini ni ìrántí tó gùn ju ìyẹn lọ, òun ni Flowey ń wò nígbà tó bá ń bá yín wí. Bí ẹ bá ti ta ọkàn yín, ẹ ó rí fáìlì kan tó ń jẹ́ system_information_963. Fáìlì yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ náà. Bí ẹ bá pa á rẹ́ pẹ̀lú system_information_962 tó sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, géèmù yóò gbàgbé. Lórí PlayStation tàbí Switch, ẹ kò ní ọ̀nà tí ẹ lè gbà dé ìdí àwọn fáìlì yìí.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìba ọ̀kankan jẹ́ lè ṣe ẹ̀dà odindi fódà yìí síbòmíràn kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kẹta, kó sì dá a padà lẹ́yìn náà. Ètò tí mo lè dámọ̀ràn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbá a bó ti wà lọ́kàn yín, láìka ìtọ́sọ́nà kankan, kí ẹ sì wo ẹni tí yóò gorí ìtẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ rin ọ̀nà àìpànìyàn. Ọ̀nà kẹta ni kó kẹ́yìn, bí ẹ bá fẹ́ rìn ín rárá. Àwọn kan wà tí wọ́n kọ̀ láti rìn ín, mi ò sì rò pé wọ́n pàdánù púpọ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó bá dé òpin tòótọ́ yóò bá pàdé. Gbogbo àwọn iwin náà ti jáde síta, wọ́n ti rí oòrùn. Bí ẹ bá tún ṣí géèmù náà lẹ́yìn èyí, Flowey ló ń dúró dè yín, kì í sì í halẹ̀ mọ́ yín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní inú gbogbo wọn ti dùn, kò sí ewu tó kù, àfi ẹnì kan ṣoṣo tó ní agbára láti pa ohun gbogbo rẹ́ kó sì dá wọn padà sínú ihò: ẹ̀yin. Ó bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ náà, bọ́tìnnì tó ń nu gbogbo nǹkan nù ṣì wà lójú ẹ̀rọ, True Reset ni wọ́n kọ sí i. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, Toriel yóò tún béèrè irú adùn tí ẹ fẹ́ràn, bí ẹni tí kò rí yín rí.